Bí Búráúsà àti Sáfà Ṣe Ń Ní Àṣírí Kan Náà Lójú Gbogbo Ayé: Ìbọwọ́ TLS 1.3

Ká ní ẹnìkan jókòó sí àárín búráúsà àti sáfà, tó ń ka gbogbo ohun tó ń kọjá láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Búráúsà àti sáfà kò pàdé rí, wọn kò sì jọ ní àṣírí kankan. Síbẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, kọ́kọ́rọ́ kan náà ti wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ẹni tó ń dẹtí kò sì mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ìbọwọ́ TLS nìyẹn, ìlànà tó ń ti ọ̀rọ̀ búráúsà àti sáfà pa mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀dà 1.3, tí wọ́n gbé jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2018 nínú RFC 8446, la ó tẹ̀ lé.

Tí TCP bá ti la ọ̀nà tán, búráúsà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wireshark, irinṣẹ́ tó ń ká ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, ń pe ọ̀rọ̀ náà ní `ClientHello`. Ó ń sọ irú ìfọ̀rọ̀pamọ́ tí búráúsà mọ̀ àti orúkọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n `key_share` ni ọkàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́mbà kékeré wò ó.

Gbogbo ayé ló mọ 23 àti 5. Búráúsà mú 3, ó fi pamọ́ sínú. Ó sọ 5 di púpọ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 5 × 5 × 5, ó di 125. Ó fi 23 pín in, ó ṣẹ́ ku 10. 10 yìí ló fi ránṣẹ́. Sáfà náà mú 7 tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀: 5 tí a sọ di púpọ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje jẹ́ 78125, tí a bá fi 23 pín in, ó ku 17. Ó fi 17 ránṣẹ́ nínú `ServerHello`. Wàyí o, búráúsà gbé 17 tó gbà, ó lò ó pẹ̀lú 3 tirẹ̀: 17 × 17 × 17 jẹ́ 4913, ó ku 14. Sáfà gbé 10, ó lò ó pẹ̀lú 7: 10000000, ó ku 14. Àwọn méjèèjì ti dé ibì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni 14 kò gba orí wáyà kọjá rárá.

Ẹni tó ń dẹtí rí 23, 5, 10 àti 17. Pẹ̀lú nọ́mbà kékeré báyìí, yóò dán gbogbo rẹ̀ wò títí yóò fi bá 3 pàdé. Nínú iṣẹ́ gidi, X25519 wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ búráúsà ń lò: ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀, àṣírí rẹ̀ sì gùn tó báìtì 32, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kò yàtọ̀. Wọn kì í fi àṣírí náà ti ilẹ̀kùn lásán o. Wọ́n ń pò ó mọ́ háàṣì, ìyẹn àmì kúkúrú tí a ṣírò láti inú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ, kí wọ́n tó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀nà lílọ, òmíràn fún ọ̀nà bíbọ̀.

Láti ibí lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ ìbọwọ́ ló wà ní títì. Àmọ́ ta ni búráúsà ń bá sọ̀rọ̀ gan-an? Gbájúẹ̀ tó wà láàárín lè bá búráúsà ṣe 14 tirẹ̀, kó tún bá sáfà ṣe òmíràn. Ìdí nìyẹn tí sáfà fi ń fi `Certificate` ránṣẹ́, sátífíkéètì tó so orúkọ rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣì í nìyí: sátífíkéètì kì í ṣe ẹ̀rí pé olówó rẹ̀ ló mú un wá, torí ẹnikẹ́ni lè dà á kọ. `CertificateVerify` tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rí. Sáfà ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ buwọ́ lu háàṣì gbogbo ọ̀rọ̀ ìbọwọ́ náà, títí kan 10 àti 17. Tí gbájúẹ̀ bá ti fi nọ́mbà tirẹ̀ rọ́pò, ìbuwọ́lù náà kò ní bára mu. `Finished` ló parí rẹ̀ níhà méjèèjì, búráúsà sì lè so ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ mọ́ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ kan péré ni. Ìbọwọ́ kíkún ti 1.2 ń gba méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè tẹ èyí:

```
openssl s_client -connect example.com:443 -servername example.com
```

Ẹ wá `Verify return code`. 0 túmọ̀ sí pé sátífíkéètì dára. 10 ni pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. 9 ni pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ kọ́kọ́ wo aago kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó bú sáfà. 21 sábà máa ń jẹ́ pé sáfà gbàgbé láti fi sátífíkéètì alárinà, èyí tó so tirẹ̀ mọ́ aláṣẹ tí búráúsà gbà gbọ́, kún tirẹ̀. Èyí burú díẹ̀, torí búráúsà lè ti ní alárinà náà nípamọ́, kó sì ṣí ojú ìwé náà láìjanpata, nígbà tí `curl` kọ̀ jálẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé àṣẹ yìí kì í yẹ orúkọ wò àyàfi tí ẹ bá fi `-verify_hostname` kún un.

Ohun kan ṣì hàn síta. Tí ẹ bá fi `tls.handshake.type == 1` sẹ́ ohun tí Wireshark kó, ẹ ó rí orúkọ ibi tí búráúsà ń lọ kedere nínú `ClientHello`, àfi tí àwọn méjèèjì bá ń lo ECH tó ń fi orúkọ náà pamọ́. Ìdí ni pé kò tíì sí kọ́kọ́rọ́ kankan nílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.