Súwíìṣì tú-wéè fún iná ọ̀dẹ̀dẹ̀

Súwíìṣì tú-wéè ni oríṣi súwíìṣì tí a máa ń lò ní méjì, kí a lè máa tan gílóòbù kan ṣoṣo kí a sì máa pa á láti ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Èkó, ilé féèsì-mi-àì-féèsì-yú ní Muṣin, Ṣómólú tàbí Èbúté Mẹ́ta wà lára ibi tó ti wúlò jù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló la irú ilé bẹ́ẹ̀ já láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ sì máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gan-an.

Ojú méjì ni súwíìṣì lásán ní tí a ń de wáyà mọ́, mẹ́ta ni tú-wéè ní. Wọ́n sábà máa ń kọ COM, L1 àti L2 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, COM á kan L1. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, á fi L1 sílẹ̀, á lọ kan L2. L1 àti L2 kì í kan ara wọn láé.

Láti dè é, wáyà tí iná ń gbà bọ̀ láti bírékà ni a ó dè mọ́ COM ti súwíìṣì iwájú. A ó fa wáyà méjì láti súwíìṣì iwájú sí ti ẹ̀yìn, ọ̀kan láti L1 sí L1, ìkejì láti L2 sí L2. Láti COM ti ẹ̀yìn ni wáyà kan ti máa lọ sí ilé gílóòbù. Níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ní tirẹ̀ lọ tààrà láti ibi bírékà sí ilé gílóòbù, kò gbọdọ̀ ya súwíìṣì kankan. Bí súwíìṣì méjèèjì bá wà lórí wáyà kan náà, gílóòbù á tàn. Bí ọ̀kan bá wà lórí L1 tí èkejì wà lórí L2, ọ̀nà ti já, gílóòbù á kú.

Ká sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, tí àjà ga ní 9, tí súwíìṣì sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ilẹ̀. Wáyà kan láti súwíìṣì sí súwíìṣì á gòkè ní 5, á rin 40, á tún sọ̀ ní 5, ìyẹn 50. Méjì nirú rẹ̀, nítorí náà 100 ni àpapọ̀. Bí gílóòbù bá wà láàárín gbùngbùn, wáyà tó ń bọ̀ láti COM ẹ̀yìn á jẹ́ 25. Kí a fi díẹ̀ lé e fún orí wáyà tí a máa bó. Wáyà 1.5 tí wọ́n ń tà fún iná gílóòbù tó fún iṣẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí súwíìṣì, pípa bírékà iná ìjọba nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ló ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà, ínfátà sì lè gbé iná wá fúnra rẹ̀ ní kété tí ti ìjọba bá lọ. Kí a pa gbogbo rẹ̀, kí a sì fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wáyà COM àti ti L1 gba ipò ara wọn nínú ọ̀kan nínú àwọn súwíìṣì náà. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà tẹ súwíìṣì méjèèjì, ẹyọ kan péré ni gílóòbù á ti tàn, nígbà tí méjì yẹ kó tàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn á tẹ̀ ẹ́ títí, iná kò ní dáhùn, àfi kí ẹnì kan lọ tẹ ti iwájú. Àwọn ènìyàn á ní súwíìṣì ti bàjẹ́, wọ́n á ra tuntun, wọ́n á tún dè é bákan náà. Kí a má sì fi ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan wà mọ COM, nítorí kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo oníṣẹ́ ń fi í sí. Bí kò bá sí àkọlé, kí a yọ súwíìṣì kúrò lára wáyà, kí a fi mítà tó ń dún wò ó: ojú tó ń kan ọ̀kan nínú méjì yòókù lọ́nà méjèèjì tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni COM.

Èyí tó léwu ju ìyẹn lọ ni ọgbọ́n ìdín-wáyà-kù kan tí àwọn mìíràn ń dá. Nítorí pé iná àti níútírà ti wà nítòsí súwíìṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á de iná mọ́ L1, níútírà mọ́ L2, ní ìhà méjèèjì, wọ́n á sì fa COM kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹsẹ̀ gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń tàn, ó sì máa ń kú bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí súwíìṣì méjèèjì bá wà lórí iná, gílóòbù á kú, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á ní iná nínú. Ẹni tó gorí àpótí láti pààrọ̀ gílóòbù á rò pé òun ti pa á. Nínú ilé ayálégbé pẹ̀lú, iná iwájú lè wá láti mítà ayálégbé kan, ti ẹ̀yìn láti mítà ẹlòmíràn. Bí àwọn méjèèjì bá wà lórí féèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan bí fóólùtì 400 ló lè dé ara gílóòbù tí a ṣe fún 230. Láti mọ̀ ọ́n, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná yọ gílóòbù, kí ó tẹ súwíìṣì sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó fi tẹ́sítà kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ìdè bá péye, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni iná ti lè hàn, èkejì kò ní ní in láé.