Gíláàsì Kọ́ Ló Kú, Dráífà Ni: Nípa Kọ̀ǹpútà Tó Ṣú Lẹ́yìn Ọ́pídéètì

Ó ti sú mi. Bí Windows bá ti ṣe ọ́pídéètì báyìí, láàpútọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ṣú tàbí tó ń ṣẹ́jú á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnìkan á sì ti sọ fún ẹni tó ni ín pé ojú rẹ̀ ti kú, kó lọ ra òmíràn. Ẹnìkan tiẹ̀ gbé tirẹ̀ wá tí òróró àdúrà ti ṣàn wọ abẹ́ kíbọọ̀dù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, ṣùgbọ́n òróró yẹn ni mo kọ́kọ́ nù kúrò kí n tó kan ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an: dráífà káàdì àwòrán tuntun, ìyẹn ètò tí Windows fi ń darí káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tí kò bá a lára mu.

Ẹ wo ohun kan kí ẹ tó náwó. Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ṣé àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é hàn kedere? Tó bá hàn, gíláàsì ń ṣiṣẹ́, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wáyà tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù náà ń ṣiṣẹ́. Àmì yẹn kò nílò dráífà kankan. Àwọn àmì róbótó kéékèèké tó ń yí po lẹ́yìn rẹ̀ náà kò tíì lo dráífà ilé-iṣẹ́ káàdì. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ojú ìwé páásíwọ́ọ̀dù yọ ni dráífà gba iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ṣú, ẹ ti mú olè nìyẹn. Ẹni tó bá tú ìdérí kọ̀ǹpútà láì wo èyí, owó yín ló ń wá.

Kì í sì í ṣe tòkunbọ̀ nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn tó ń lo káàdì NVIDIA pariwo pé dráífà tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 572 ń mú ojú ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí káàdì wọn ti pẹ́ díẹ̀ padà sí 566.36, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí àtúnṣe fi jáde. Káàdì olówó gọbọi ni púpọ̀ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n pààrọ̀ gíláàsì.

Tí ó bá ṣú, ẹ kọ́kọ́ tẹ Win, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀. Dráífà á tún ara rẹ̀ tan, ojú lè padà lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń ṣẹ́jú ni, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc kí Task Manager yọ. Bí òun náà bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú gbogbo ohun yòókù, dráífà ni. Bí òun nìkan bá dúró jẹ́ẹ́ tí ìyókù ń ṣẹ́jú, áàpù kan ló ń dà á láàmú, ẹ fi dráífà sílẹ̀.

Tí ojú bá ṣú pátápátá tí kò padà, ọ̀nà Safe Mode ló kù, nítorí dráífà kékeré ti Windows fúnra rẹ̀ ni ibẹ̀ ń lò. Ẹ tan ẹ̀rọ. Bí àmì bá ti yọ tí Windows ń gbéra, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ tún un ṣe. Nígbà kẹta, ẹ jẹ́ kó máa lọ, yóò gbé yín lọ síbi àtúnṣe. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, lẹ́yìn náà Restart, kí ẹ sì tẹ 4. Ó lè kọ PIN níbẹ̀ kó béèrè páásíwọ́ọ̀dù gan-an, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ tẹ Win àti R, kí ẹ kọ:

```
devmgmt.msc
```

Ẹ tẹ Enter, ẹ ṣí Display adapters, ẹ tẹ orúkọ káàdì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Driver, kí ẹ tẹ Roll Back Driver. Á béèrè ìdí. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ẹ wo Driver Date lẹ́yìn rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá yan Restart. Tí káàdì méjì bá wà níbẹ̀, èyí tí ọjọ́ dráífà rẹ̀ jẹ́ tuntun jù lẹ ó kọ́kọ́ dá padà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń pàdánù fáìlì. Ní ojú ọ̀nà Safe Mode yẹn, Windows lè ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá: ẹyọ nọ́ńbà 48 ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 11 ló ti fi í ti fáìlì pa láì jẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ gbé tirẹ̀ wá báyìí. Ẹni àkọ́kọ́ ti ta gíláàsì tuntun fún wọn, ojú ṣì ṣú. Ẹni kejì ti fi ẹ̀rọ gbígbóná yan bọ́ọ̀dù bí ẹni yan àgbàdo, Ọlọ́run ló yọ bọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí ẹni kejì yìí rí ìbéèrè kọ́kọ́rọ́, ó ní kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́ ju kí òun fọ́máàtì rẹ̀ lọ. Ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì ló wà nínú ẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, "Mà, ta ló bá yín ṣí kọ̀ǹpútà yìí nígbà tí ẹ rà á?" Ọmọ wọn ọkùnrin ni, tó wà nílé-ìwé ní Ìlọrin, ìmeèlì tirẹ̀ ló sì fi ṣí i. A pè é lórí fóònù, ó wọ aka.ms/myrecoverykey, ó wo èyí tí Key ID rẹ̀ bá ti ojú kọ̀ǹpútà mu, ó ń kà á fún wa ní mẹ́fà-mẹ́fà. A wọ Safe Mode, a dá dráífà padà, ojú là. Gíláàsì tí wọ́n yọ dànù kò lábùkù kankan. Ẹ lọ wá kọ́kọ́rọ́ tiyín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ má fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan náà.

Nígbà míì, Roll Back Driver á ṣá, kò ní ṣeé tẹ̀. Kò sí ti tẹ́lẹ̀ ní ìpamọ́ ni. Ẹ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ Uninstall Device, ẹ fi àmì sí àpótí tó ní kí ó yọ dráífà náà kúrò pátápátá, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tan. Á tàn pẹ̀lú Microsoft Basic Display Adapter, ojú lè gbòòrò láìdáa, ṣùgbọ́n ẹ ó ríran. Dráífà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù gbé sórí ìkànnì rẹ̀ fún módẹ́ẹ̀lì yín ni kí ẹ wá fi sí i. Ẹ jìnnà sí àwọn áàpù tó ń pariwo pé àwọn á bá yín tún gbogbo dráífà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn náà ló ń rán yín sí wa.

Windows lè tún gbé dráífà burúkú náà padà wá. Ẹ tẹ Pause updates nínú Windows Update, kí ẹ sì wá Change device installation settings, ẹ yan No.

Tó bá wá jẹ́ pé nínú Safe Mode gan-an ló ti ń ṣẹ́jú, tàbí tó ń ṣẹ́jú bí ẹ bá ti mi ìdérí rẹ̀, dráífà kọ́. Wáyà tó gba inú ìdè ìdérí kọjá ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìyẹn lẹ lè gbé wá, kí ẹ sì mú ṣájà rẹ̀ dání.