Àìkájú ìwé àṣetán kì í ṣe gbèsè: bí orílẹ̀-èdè ṣe ń san ohun tó rà ju agbára rẹ̀ lọ

Nígbà tí iye tí orílẹ̀-èdè ná sí òkèèrè bá ju iye tó pa láti òkèèrè lọ, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń pè é lórí rédíò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń ṣi aráàlú lọ́nà. Àwọn kan á ní kọ́rẹ́ǹtì àkáǹtì wa ti ní défísíìtì. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà l'Ọ́jà Ọba Adó, bó bá ti gbọ́ kọ́rẹ́ǹtì, iná mànàmáná ló máa sọ sí i lọ́kàn. Oníṣọ́ọ̀bù tó jókòó tì í á rò pé àkáǹtì tí òun ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì lé lórí ni wọ́n ń bá wí. Àwọn kejì túmọ̀ rẹ̀ sí àkáǹtì lọ́wọ́lọ́wọ́, àfi bíi pé ti èṣí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn kẹta ń pè é ní gbèsè òwò, tiwọn ló sì burú jù, torí gbèsè kọ́, òwò nìkan sì kọ́.

Àìkájú ìwé àṣetán ni èmi ń pè é. Ọ̀nà méjì ni àwa àti òkèèrè ń gbà ṣe nǹkan owó. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti parí, ó parí náà nìyẹn. A ta kòkó fún wọn, wọ́n kó o lọ. A ra ìrẹsì, a sè é jẹ. A san owó ilé-ìwé ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, a san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó wà lókè òkun fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó máa padà wá sọ lọ́la pé òun ṣì ní nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ọ̀nà kejì ni èyí tó ń ṣẹ́ nǹkan kù sílẹ̀. Ẹni tó yá wa lówó ṣì ní owó lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wa ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Dọ́là tí Báǹkì Àpapọ̀ kó pamọ́ sí òkèèrè, àwa la ní in lọ́wọ́ wọn. Èyí ni mo ń pè ní ìwé àṣẹ́kù, ẹni tó bá sì ti dá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ń takò mí pé àṣetán jọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe kalẹ̀, pé kò fi owó hàn. Ọ̀rọ̀ lásán kọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjèèjì gan-an ni orúkọ náà mú dání, àkáǹtì lọ́wọ́lọ́wọ́ kò sì mú nǹkan kan dání. Ní ti àìkájú, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni. Bí owó kò bá tó bùkátà, a máa ń sọ pé kò kájú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ àdánù sí i kò rò ó jinlẹ̀, torí ẹni tó ra ẹ̀rọ ìgégi tó ju owó ọdún rẹ̀ lọ kò tíì pàdánù ohunkóhun. Àwọn tó ń kọ gbèsè sí i gbàgbé pé èèyàn lè fi owó tó ti tọ́jú tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà láìyá kọ́bọ̀. Wọ́n tún wá ń pe àpapọ̀ ìwé méjèèjì ní ìdọ́gba ìsanwó, wọ́n á sì sọ pé ìdọ́gba ìsanwó kò dọ́gba mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lórí, kò nídìí, nítorí àpapọ̀ wọn kò lè ṣàìdọ́gba láéláé. Ohun tó bá dín nínú àṣetán gbọ́dọ̀ fara hàn nínú àṣẹ́kù.

Ẹ wò ó lára oníṣòwò kan l'Adó tó ń ta páàtì ọ̀kadà. Ẹrù 10,000 dọ́là ló fẹ́ rà ní Ṣáínà. Ó kọ Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ ẹrù òkèèrè sílẹ̀, ní báńkì rẹ̀, ó san náírà, báńkì sì ń wá dọ́là fún un. Nígbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀, 10,000 yọ kúrò nínú ìwé àṣetán. Ibo wá ni dọ́là náà ti jáde? Bó bá jẹ́ pé ẹni tó kó kòkó lọ sókè òkun ló tà á fún báńkì, èyí tó wọlé pàdé èyí tó jáde nínú ìwé àṣetán náà, ọ̀rọ̀ àìkájú kò sì sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ ló tà á, owó àpamọ́ orílẹ̀-èdè fi 10,000 dín. Bó bá jẹ́ àjòjì tó ń bọ̀ wá ra ìwé gbèsè ìjọba ló gbé e wá, ohun tí àjòjì ní lọ́wọ́ wa fi 10,000 pọ̀. Bí ará Ṣáínà bá sì sọ pé kó máa gbé ẹrù lọ, kó san owó lẹ́yìn 90 ọjọ́, gbèsè wa sí òkèèrè ló fi 10,000 ga. Owó náà kì í ṣàì níbi tó ti wá. Èyí tí àwọn oníṣirò kò bá rí, bí owó ìrẹsì tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á kọ ọ́ sí ìlà àṣìrò àti ohun tó fo wá ru, kí ìwé lè bára mu.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ ilé àgbẹ̀ kòkó kan n'Ísẹ̀. Kòkó ọdún yìí mú 600,000 náírà wá, àwọn ọmọ tó wà n'Ékòó fi 400,000 ránṣẹ́. Oúnjẹ, oògùn kòkó, owó ilé-ìwé àti òrùlé tuntun jẹ́ 1,300,000. Àìkájú rẹ̀ jẹ́ 300,000, ìnáwó náà sì ti wáyé, torí náà ó ti rí i san. Ó fọ́ kóló, 100,000 jáde. Ó yá 100,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò máa dá a padà pẹ̀lú èlé. Òun náà sì ni alájọ àdúgbò, owó àwọn ìyá ọlọ́jà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá mú 100,000 tó kù nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́, ó tún lè pe olówó kan kó wá fi owó sí oko, kí wọ́n jọ máa pín kòkó rẹ̀. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò dọ́gba rárá. Kóló kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní ìsàlẹ̀. Olówó tó fi owó sí oko kò lè gbé oko sá, bí kòkó kò bá so, òun náà kò rí nǹkan mú. Èyí tó léwu jù ni owó àjọ, torí bí àhesọ bá ta sọ́jà pé owó kò pé lọ́wọ́ alájọ, gbogbo wọn ló máa wá béèrè tiwọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà.

Ọdún 2015 fi gbogbo èyí hàn ní Nàìjíríà. Epo rọ̀bì tó ju 110 dọ́là lọ lágbàá kan ní oṣù kẹfà ọdún 2014 já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 30 ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ohun tí a ń rà kò dínkù tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là ránṣẹ́ wálé lọ́dún náà, síbẹ̀ ìwé àṣetán kò kájú, ó fi nǹkan bí bílíọ̀nù 15 dín. Lọ́dún kan náà, owó àpamọ́ Báǹkì Àpapọ̀ lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí bílíọ̀nù 34 sí nǹkan bí bílíọ̀nù 28. Kóló nìyẹn, bílíọ̀nù mẹ́fà ló ti jáde. Nǹkan bí mẹ́sàn-án tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àjòjì tó fi owó sí ilé-iṣẹ́ àti ìwé gbèsè, láti inú ẹ̀yáwó, láti inú dọ́là tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ní sókè òkun, àti ìlà àṣìrò.

Owó àjọ, ìyẹn owó àjòjì tó lè béèrè rẹ̀ padà nígbàkigbà, ló kọ́kọ́ yarí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, báńkì Jéépíì Mọ́gàn kéde pé òun máa yọ Nàìjíríà kúrò nínú àtòjọ ìwé gbèsè ìjọba tí àwọn olówó kárí ayé ń tẹ̀ lé, torí pé ẹni tó bá fẹ́ kó owó rẹ̀ jáde kò rí dọ́là rà bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń tẹ̀ lé àtòjọ náà ní láti ta tiwọn. Ẹ kíyè sí i pé títà yẹn fúnra rẹ̀ tún nílò dọ́là, nítorí náà kóló kan náà tó ń san owó ẹrù ló tún ń dá owó àwọn tó dá àjọ padà. Ìdí nìyí tí òfin àtẹnudẹ́nu tó ní kí owó àpamọ́ tó ẹrù oṣù mẹ́ta fi ń tan ìjọba jẹ. Owó tí àjòjì lè béèrè lọ́sẹ̀ yìí kò sí nínú ìṣirò ẹrù oṣù mẹ́ta.

Báǹkì Àpapọ̀ di náírà mú ní nǹkan bí 197 sí dọ́là kan fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ó ní ẹni tó bá fẹ́ ra ohun 41 kan, ìrẹsì àti òpá ìtayín wà lára wọn, kò gbọ́dọ̀ rí dọ́là rà ní báńkì mọ́. Èyí kò dí àlàfo náà, ó kàn lé àwọn tó ń wá dọ́là lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó ni. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ̀ pé kóló ti ń kan ìsàlẹ̀, kí ìwé ìṣirò tó jáde rárá. Nígbà tí báńkì ń kọ 197, tí ojú pópó ti kọjá 350, iye tó wà láàárín wọn ni ohun tí ọjà gbà pé ó ń bọ̀. Ó sì dé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2016. Wọ́n tú náírà sílẹ̀, ó sì kọjá 280 lọ́jọ́ náà gan-an.

Títú náírà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ìsanwó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ kóló àti ẹ̀yáwó. Ṣe ló ń mú kí ẹrù òkèèrè wọ́n títí tí a ó fi rà á mọ níwọ̀n. Lọ́dún 2016, ìwé àṣetán tún kájú díẹ̀, kì í ṣe pé epo gbówó lórí, rírà la dín kù. Ọrọ̀-ajé sì fi nǹkan bí 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún sún kì lọ́dún yẹn, torí ẹ̀rọ àti èròjà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí a kò rí rà.

Lẹ́yìn náà ni a padà sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ta ìwé gbèsè bílíọ̀nù kan dọ́là fún ọdún 15, èlé rẹ̀ jẹ́ 7.875 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí ìṣúná ìjọba ni wọ́n ṣe tà á, ṣùgbọ́n dọ́là rẹ̀ wọ ìwé àṣẹ́kù, ojú owó rẹ̀ kò sì ní jáde níbẹ̀ títí di ọdún 2032. Èlé rẹ̀ kò sí nínú ìwé yẹn o. Nínú àṣetán ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìrẹsì àti owó ilé-ìwé, mílíọ̀nù 78.75 dọ́là lọ́dọọdún, a sì gbọ́dọ̀ san án kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a rà lọ́dún náà.