Báwo ni a ṣe ń fa ìpinnu yọ nínú ohùn ìpàdé ẹbí lórí ìgbéyàwó?

Ìbéèrè: Ìpàdé ẹbí lórí ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin gba wákàtí méjì. Wọ́n ní kí n fi ohùn tí mo gbà sórí fóònù kọ iye tí kálukú máa san, iṣẹ́ kálukú àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí gan-an.

Ìdáhùn: Nínú ìpàdé ẹbí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni kéde pé ìpinnu nìyí. Ẹnì kan á mú àbá wá, àgbà kan á ní "a ti gbọ́," kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí aṣọ ẹbí. "A ti gbọ́" kì í ṣe "a gbà," bẹ́ẹ̀ ni "màá rí sí i" kì í ṣe iye owó. Èmi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹbí wa láti ìgbà díẹ̀, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń kọ gẹ́gẹ́ bí ìpinnu: èyí tí ẹni tó máa san án tàbí tó máa ṣe é fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, àti èyí tí olórí ẹbí tún sọ nígbà tí àríyànjiyàn ti rọlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ta kò ó. Mo máa ń kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá jiyàn lè lọ fetí ara rẹ̀ gbọ́. Gbogbo ìyókù, bó ti wù kí ó pẹ́ lẹ́nu wọn tó, ń lọ sábẹ́ àkọlé "Ohun tó kù láti bi wọ́n."

Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sùúrù tú, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Nínú ìpàdé kan tí mo kọ, ní ìṣẹ́jú 22, wọ́n fẹnu kò pé ohun tí ìdílé ìyàwó máa ná níbi ìdána jẹ́ 2,100,000 náírà, tí 600,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó màlúù. Bàbá ìyàwó gba ìdajì, ìyẹn 1,050,000, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta sì pín ìyókù ní 350,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 71, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà ní: "Ti màlúù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kọjá lọ láìpadà sórí ìṣirò. Ẹni tó bá kàn da gbólóhùn méjèèjì kọ bí wọ́n ṣe wà yóò gba owó màlúù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé owó tí wọ́n ní láti kó jọ ti di 1,500,000. Bí màlúù náà bá dípò ìpín àbúrò yẹn, bàbá ìyàwó àti àbúrò méjì tó kù yóò san 1,750,000, 250,000 yóò sì lé. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn ìpín rẹ̀ ni, 600,000 ni yóò lé. Kì í ṣe akọ̀wé ló máa yan èyí tó tọ̀nà. Mo kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀, mo pe bọ̀dá tó gba ti màlúù náà, wọ́n sì ní àwọn fi màlúù dípò ìpín àwọn ni. Olórí ẹbí wá yọ 250,000 náà kúrò nínú ìpín bàbá ìyàwó, ó ku 800,000.

Níbi iṣẹ́, "ẹ" ló ń ṣini lọ́nà. Nígbà tí ìyá ìyàwó bá ní "ẹ bá wa bá alága ìjókòó sọ̀rọ̀," ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ̀wọ̀ fún ni, àbí gbogbo obìnrin ilé ló ń bá wí? Ẹ tẹ́tí sí ẹni tó dáhùn. Bí ẹnì kan bá ní "kò burú, màá pè wọ́n lọ́la," orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ohùn ló pa pọ̀ ṣe "hẹn-ẹn," iṣẹ́ yẹn kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àgbà tó bá sọ ní Sátidé pé "òní ọjọ́ mẹ́jọ," Sátidé tó ń bọ̀ ló ní lọ́kàn, nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọ̀dọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọ̀la á kọ Sọ́ńdè. Ìpàdé tí mo ń wí yìí wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, nítorí náà ohun tí mo kọ ni "Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta."

Ọjọ́ kan sì wà tí wọn kò dárúkọ rárá. Wọ́n mú ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin fún ìgbéyàwó rẹ́jísírì, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà, ìkéde gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 21 kí wọ́n tó fúnni ní ìwé àṣẹ, ìgbéyàwó náà kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìkéde. Mo ka ọjọ́ sẹ́yìn, mo rí i pé ìkéde gbọ́dọ̀ ti wọlé ṣáájú ọjọ́ 26 oṣù Kẹta. N kò lè fi í sínú ìpinnu, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Òun ló wà lókè pátápátá nínú ohun tó kù láti bi wọ́n, nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí olórí ẹbí nìkan, kí ó tó dé orí Wọ́sáàpù ẹbí: "Ta ni nínú ọkọ tàbí ìyàwó ló máa lọ fọwọ́ sí ìwé ìkéde, ọjọ́ wo sì ni?"