Òkè wíìlì ń sáré, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí fọ́tò kẹ̀kẹ́ yẹn

Fọ́tò kan ló dá awuyewuye yìí sílẹ̀. Ẹnì kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Wáyà inú wíìlì rẹ̀ hàn kedere nísàlẹ̀ débi pé èèyàn lè kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lókè, gbogbo rẹ̀ ti dàrú bí èéfín. Àwọn kan búra pé ayédèrú ni. Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyí.

Ṣé wọn ò fi kọ̀ǹpútà ṣe fọ́tò náà?

Rárá. Ká ní òkè ló hàn kedere tí ìsàlẹ̀ sì dàrú ni, èmi gan-an ì bá fura.

Wíìlì kan ṣoṣo ni. Báwo ni òkè rẹ̀ ṣe máa yára ju ìsàlẹ̀ lọ tí kò ní fà ya?

Iṣẹ́ méjì ni wíìlì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń bá kẹ̀kẹ́ lọ síwájú, ó sì ń yí po àárín ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní kẹ̀kẹ́ náà ń sá mítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi kìlómítà 25 ní wákàtí. Àárín wíìlì kò yí lọ sí ibì kankan, ó kàn ń bá ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ ni, nítorí náà mítà 7 ni tirẹ̀.

Táyà náà kò yọ̀. Ìyẹn ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá rin mítà 7, mítà 7 táyà gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ ti fi ara kan ilẹ̀, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Èyí ló fi hàn pé etí táyà ń yí po àárín rẹ̀ ní mítà 7 bákan náà. Lókè, síwájú ni yíyí náà ń gbé e lọ, ó sì di 7 pẹ̀lú 7: mítà 14. Nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ni yíyí náà ń gbé e lọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń gbé e síwájú. Ẹ yọ 7 kúrò nínú 7.

Ní ti fífà ya, ẹ wo ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Apá tó wà nítòsí ìdè rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, ibi tí ọwọ́ ń dì mú sì ń rìn jìnnà, síbẹ̀ kò sí ilẹ̀kùn tó ya sí méjì nítorí ìyẹn. Ní àsìkò kọ̀ọ̀kan, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ìdè ilẹ̀kùn wíìlì. Bí ibì kan lára wíìlì bá ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó ni eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Òkè jìnnà síbẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju àárín lọ, òun ló jẹ́ kí eré rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Òdo kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ ń lọ, ẹ wá ní ibì kan lára rẹ̀ dúró?

Ó dúró, ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nìyí, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹ ju bọ́ọ̀lù sókè. Nígbà tó bá dé góńgó ibi tó lè ga dé, eré rẹ̀ di òdo, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní bọ́ọ̀lù náà so rọ̀ sójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà ìsàlẹ̀ táyà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó sì gbéra sókè. Bí wíìlì náà bá jẹ́ sẹ́ńtímítà 35 láti àárín dé etí, eré tí rọ́bà náà fi ń gbéra ń pọ̀ sí i bí ìlọ́po 14 ju bí eré òkúta tó ń já bọ́ ṣe ń pọ̀ sí i lọ. Kì í ṣe ẹni tó ń sinmi.

Ẹ wá padà sí fọ́tò. Ká ní kámẹ́rà la ojú sílẹ̀ fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò yẹn, òkè táyà ti rin sẹ́ńtímítà 14, àárín ti rin 7. Rọ́bà tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Kò kúrò níbi tó wà tó mìlímítà 2. Ìdí tí ìsàlẹ̀ fi hàn kedere nìyẹn.

Ẹsẹ̀ yín gan-an ń ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn, ara ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ dúró gbọn-in títí èkejì á fi dé. Ipa táyà lórí iyanrìn tútù máa ń mọ́ kedere bí ipa ẹsẹ̀, torí pé rọ́bà náà kò gbo ilẹ̀ rárá.

Èmi tí mo wà lórí kẹ̀kẹ́, eré kan náà ni mo rí lókè àti nísàlẹ̀.

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀yin àti àárín wíìlì jọ ń lọ ni, nítorí náà yíyí nìkan lẹ ń rí. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń rí òdo àti 14.

Ṣé mo lè dán an wò nílé?

Ẹ fi agolo dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ sì fi rúlà náà ti agolo síwájú. Nígbà tí àárín agolo bá rin sẹ́ńtímítà 10, rúlà á ti rin 20. Bí tiyín bá jẹ́ 17, nǹkan kan ti yọ̀ níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé apá kan lára ọkọ̀ ojú irin máa ń lọ sẹ́yìn. Àbí irọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́. Wíìlì rélùwéè ní etí kan tó yọ sísàlẹ̀ kọjá ojú irin, bíi sẹ́ńtímítà 3. Ojú irin ni ìdè ilẹ̀kùn, etí yẹn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí, tí wíìlì sì jẹ́ sẹ́ńtímítà 45 láti àárín dé ojú irin, ìdí etí náà ń lọ sẹ́yìn ní nǹkan bíi kìlómítà 7 ní wákàtí.

Tí táyà bá wá yọ̀ ńkọ́?

Ìṣirò yẹn bà jẹ́ nìyẹn. Bí bíréèkì bá di wíìlì pa, kò sí yíyí mọ́. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ jọ ń lọ ní mítà 7, rọ́bà sì ń gbo ilẹ̀. Nínú fọ́tò, gbogbo wíìlì á dàrú bákan náà. Bí wíìlì bá ń yí lásán nínú ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, ìsàlẹ̀ ló ń sá sẹ́yìn.

Ẹ bẹ̀rù èyí àkọ́kọ́ jù. Rọ́bà tó dúró lórí ilẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú ju èyí tó ń yọ̀ lọ, táyà iwájú tó bá sì ti ń yọ̀ kì í gbọ́ ti ẹni tó ń yí ọwọ́ ọkọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí bíréèkì ABS fi ń dì, tó ń tú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wíìlì má bàa dúró pátápátá. Kí n má parọ́ fún yín o: táyà gidi máa ń yọ̀ díẹ̀ nígbàkigbà tí a bá tẹ bíréèkì tàbí tí a bá ń fún un ní eré, nítorí náà òdo yẹn kì í pé tán.

Ṣé kí n máa bẹ̀rù òkúta tó há sí táyà ọkọ̀ iwájú mi?

Ẹ bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Òkúta tó bá já kúrò nítòsí ilẹ̀ kò tíì ní eré púpọ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ táyà ló ti kúrò. Ọkọ̀ tiyín tó ń sá 100 ló ń lọ bá a. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kó lè ti bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.