Wíwọn páìpù afẹ́fẹ́ nípa àdánù tó dọ́gba, àti yíyẹ ìfúnpá fáànù wò

Ọ̀nà àdánù tó dọ́gba jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà mọ bí páìpù afẹ́fẹ́ yóò ṣe fẹ̀ tó. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fara ra ògiri páìpù, ìfúnpá rẹ̀ ń dín kù; èyí ni àdánù. Ẹnjiníà á mú iye kan tí ìfúnpá yóò fi máa dín kù lórí mítà kọ̀ọ̀kan, á sì lo iye yìí kan náà láti ẹnu fáànù dé ẹ̀ka tó kẹ́yìn. Iye náà sábà máa ń sún mọ́ Páskà 1.

Ká ní gbọ̀ngàn kan nílò lítà afẹ́fẹ́ 1,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá mú Páskà 0.9, páìpù róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 450 ló bá a mu. Níbi tí ìdajì afẹ́fẹ́ bá ti yà kúrò, mìlímítà 350 ni yóò kù. Ẹni tó bá rò pé ìdajì afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìdajì fífẹ̀, tó sì fi 225 síbẹ̀, yóò rí àdánù tó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ariwo.

Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé ẹ̀ka tó kúrú máa ń gba afẹ́fẹ́ ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ń fi dámpà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú páìpù, dín in kù.

Àpapọ̀ ìfúnpá tí fáànù gbọ́dọ̀ borí kì í ṣe àròpọ̀ gbogbo ẹ̀ka. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìdènà rẹ̀ pọ̀ jù ni a ń kà. Nínú gbọ̀ngàn wa, ọ̀nà náà gùn ní mítà 30, àwọn kọ̀rọ̀ àti oríta rẹ̀ sì dà bí mítà 40 mìíràn: 70 × 0.9 = 63 Páskà. Ẹnu ìtújáde gba 20, ọ̀nà ìpadàbọ̀ gba 37, kọ́ìlì tútù gba 60. Fílítà tuntun gba 60, ṣùgbọ́n 120 ni a ń kà fún un, torí eruku, pàápàá ti ọyẹ́, yóò dí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ Páskà 300.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tan fáànù, wọ́n ń wọn ìfúnpá ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí fílítà bá ṣì jẹ́ tuntun, tí afẹ́fẹ́ sì pé, ṣáájú fáànù yóò jẹ́ −157, lẹ́yìn rẹ̀ yóò jẹ́ +83. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìfúnpá fáànù, ìyẹn 240. Ẹni tó bá yọ 83 kúrò nínú 157 ti ṣìṣe.

Ká ní ìwọ̀n fi −110 àti +150 hàn. Ìyàtọ̀ wọn, 260, kò jìnnà sí 240, síbẹ̀ ó ń tọ́ka sí ìṣòro. Fáànù kò fa afẹ́fẹ́ tó pé, torí ohun kan ń dènà lẹ́yìn fáànù: dámpà tí a tì, tàbí páìpù rírọ̀ tó ká. Tí ìfàmọ́ra ṣáájú fáànù bá lọ sókè tí ìfúnpá lẹ́yìn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, fílítà tàbí kọ́ìlì ni kí a yẹ̀ wò. Ó yẹ kí èyí ṣáájú fífi kún eré fáànù, torí eré tó fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ń béèrè agbára tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i lọ́wọ́ mọ́tò.