Eruku ọyẹ́: ìdí tí páílọ́ọ̀tì fi ń rí ìsàlẹ̀, tí kò sì rí iwájú

Àǹtí mi kan wà tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, n'Abẹ́òkúta níbí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Èkó ní ìdájí kó lè bá bàálù àárọ̀ lọ sí Àbújá. Wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa dúró, ó di aago mẹ́sàn-án, ó di mọ́kànlá, ó di aago kan ọ̀sán, ìgbà tó yá wọ́n ní fúláìtì ò lọ mọ́, ọyẹ́ ni. Nígbà tó dé, èmi ló kó gbogbo ìbínú yẹn bá torí ó mọ̀ pé díspáṣà ni mí, àwa la máa ń jókòó ṣírò epo àti ọ̀nà tí bàálù máa gbà kó tó gbéra. Ó ní, "Ìwọ, oòrùn ràn, mo fojú ara mi rí i, òjò ò sì rọ̀. Eruku tí mò ń gbá níwájú ṣọ́ọ̀bù ló wá dá bàálù dúró?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, eruku náà ni."

Kì í kúkú ṣe eruku tí mọ́tò ń dá sílẹ̀ ní Láfẹ́ńwá. Ibi kan wà ní Ṣáàdì tí wọ́n ń pè ní Bòdélé, ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan ló jẹ́ láyé àtijọ́, omi ti gbẹ níbẹ̀ tipẹ́, èèpẹ̀ tó kù fúyẹ́ bí ìyẹ̀fun láfún. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, atẹ́gùn tó ń já gba àárín òkè méjì, Tìbẹ́sítì àti Ẹ̀nẹ́dì, á gbé e sókè, á máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta. Èyí tó bá tóbi nínú ẹ̀ á já bọ́ lọ́nà, kíkúnná ẹ̀ ló ń dé Abẹ́òkúta, irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá dáadáa. Torí pé ó kúnná bẹ́ẹ̀, kì í tètè balẹ̀. Kùrukùru àárọ̀ omi ni, oòrùn á yọ, á pòórá. Eruku ò mọ oòrùn, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àfi tí atẹ́gùn bá yí padà tàbí tí òjò bá fọ̀ ọ́ bọ́ sílẹ̀. Ohun tó tan Àǹtí jẹ nìyẹn, oòrùn tó rí ló rò pé ó ti yanjú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an rèé, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ gun Òkè Olúmọ lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú dáadáa. Ẹ bojú wo ìsàlẹ̀ tààrà, ẹ máa rí àwọn páànù tó ti dípẹtà, ẹ máa rí ẹni tó ń sá aṣọ, ẹ tilẹ̀ lè mọ̀ pé aṣọ aró ni. Ẹ wá gbójú sókè kẹ́ ẹ wá odò Ògùn tàbí àwọn òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, funfun ni gbogbo ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ta kọ́tìnnì sí i. Eruku kan náà lẹ wà nínú ẹ̀ o. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èyí tó wà láàárín yín àti páànù ìsàlẹ̀ kéré, èyí tó wà láàárín yín àti odò pọ̀.

Bó ṣe ń ṣe páílọ́ọ̀tì náà nìyẹn. Bàálù tó ń bọ̀ wá balẹ̀ kì í já wálẹ̀ ṣánṣán bí ẹyẹ àwòdì, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ìwọ̀n dígírì 3 ló wọ́pọ̀. Tó bá wà ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ jìnnà sí i ní bíi 305 mítà péré. Àmọ́ ibi tí taya ẹ̀ máa fi kan rọ́nwéè ṣì wà níwájú ní bíi 5.8 kìlómítà, ìyẹn eruku ìlọ́po 19. Tí ojú ò bá wá ríran ju 1,500 mítà lọ, ó lè rí mọ́tò lójú títì nísàlẹ̀, á máa wò ó pé ojú ọjọ́ ò tilẹ̀ burú, kó má sì rí rọ́nwéè rárá. Àwọn kan máa ń kọjá lórí pápákọ̀, wọ́n á rí rọ́nwéè kedere lábẹ́ wọn, wọ́n á yí po láti wá balẹ̀, ó tán, rọ́nwéè ti sọnù. Tó bá tún lọ jẹ́ pé ojú oòrùn ni wọ́n kọjú sí, eruku á máa tàn yanran bíi gíláàsì mọ́tò tó dọ̀tí, ìyẹn tún burú sí i.

Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀ padà sẹ́yìn, 1,500 mítà lójú ọ̀nà gẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn túmọ̀ sí pé bàálù máa sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 257 ẹsẹ̀ bàtà kí ojú tó ká ibi tó máa balẹ̀ sí. Ẹ mú nọ́ḿbà yẹn dání.

Pápákọ̀ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ báyìí, ILS, ẹ̀rọ náà ń ta rédíò sókè tó ń fi ọ̀nà han bàálù, bóyá ó lọ sọ́tùn-ún, bóyá ó ga jù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ kí páílọ́ọ̀tì sọ̀ dé 200 ẹsẹ̀ bàtà kó tó pinnu. Níbẹ̀, ó kù bíi 870 mítà kó dé ẹnu rọ́nwéè, bẹ́ẹ̀ sì ni iná tí wọ́n tò síwájú rọ́nwéè lè gùn tó 900 mítà, torí náà ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí iná náà. Pẹ̀lú 1,500 mítà, ó máa rí nǹkan kó tó dé 200, ó balẹ̀. Níbi tí ò bá sí ILS ńkọ́, tó jẹ́ ẹ̀rọ tó kàn ń nàka sí ọ̀nà láìsọ bó ṣe yẹ kó ga tó? Ibẹ̀ lè ní kó má sọ̀ ju 500 ẹsẹ̀ bàtà lọ láìrí rọ́nwéè. Láti 500, rọ́nwéè ṣì jìnnà ní bíi 2.9 kìlómítà, ojú ò sì ríran ju kìlómítà kan ààbọ̀. Kò lè rí i láé. Eruku kan náà, ọjọ́ kan náà, pápákọ̀ kan ń gba bàálù, èkejì ti tì pa. Ohun tí kì í yé àwọn tó ń pariwo níbi káńtà nìyí pé "bàálù tiwọn ṣe gbéra?"

Nǹkan míì tún wà. Atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, bàálù sì fẹ́ràn kó máa kọjú sí atẹ́gùn balẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo rọ́nwéè ni ILS wà, atẹ́gùn lè máa ti bàálù lẹ́yìn lẹ́gbẹ́ yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ bàálù ńlá kì í sì í gbà ju nóòtì 10 lọ lẹ́yìn, nóòtì ni wọ́n fi ń wọn eré atẹ́gùn. Ẹ̀rọ wà, atẹ́gùn ò jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Àwa tá a wà lọ́fíìsì, irú ìlà ìròyìn ojú ọjọ́ báyìí là ń kà láàárọ̀, àpẹẹrẹ ni mo kọ o:

```
METAR DNAA 150800Z 04008KT 1200 HZ NSC 22/03 Q1015
```

DNAA ni Àbújá. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn ní nóòtì 8. Ojú ń ríran dé 1,200 mítà, HZ, ìyẹn eruku ọyẹ́, ló ń fà á, kì í ṣe FG tí í ṣe kùrukùru. Ibi tí ojú mi kì í ti í kúrò ni 22/03 yẹn: ooru afẹ́fẹ́ jẹ́ dígírì 22, ó sì di ìgbà tó bá tutù dé 3 kí ìrì tó sẹ̀. Tí méjèèjì bá jìnnà síra báyìí, afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku gidi ni, kí n má retí pé ó máa lọ tí oòrùn bá mú. Tó bá jẹ́ 22/21 ni, omi ti wà nínú ẹ̀, mo lè ní ká dúró di aago mọ́kànlá ká wò ó.

Lẹ́yìn náà ló kan epo. Ẹ jẹ́ ká fi bàálù Bóìn 737 láti Èkó lọ Àbújá ṣe é, ìṣirò gbàǹgbà ni. Ìrìn náà á jẹ nǹkan bíi 2,500 kílò, ẹ fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ohun tá ò rò tẹ́lẹ̀, 125. Ó tún gbọ́dọ̀ ní epo tó máa gbé e dé pápákọ̀ míì tí Àbújá ò bá gbà á, pẹ̀lú ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọn kì í fọwọ́ kàn, bíi 1,200. Lọ́jọ́ tó dáa, màá kọ Kàdúná sílẹ̀ torí ó sún mọ́ ọn, 1,100 kílò tó, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 4,925. Ṣùgbọ́n eruku tó bo Àbújá ti gba Kàdúná kọjá kó tó dé ibẹ̀! Ẹ ò lè sá fún òjò kẹ́ ẹ sá wọ odò. Torí náà gúúsù ni màá lọ wá ibi ìsádi, bóyá kó padà s'Ékòó, 2,300 nìyẹn, màá sì tún fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e tó lè fi máa yí po lókè tí wọ́n bá ní kó dúró. Ó ti di 7,325. Ẹrù epo yẹn gan-an ń jẹ epo sí i. Tí àsọtẹ́lẹ̀ bá wá ní Èkó náà máa bàjẹ́ láago méjì ńkọ́? Kò síbi tí mo lè kọ sílẹ̀ mọ́, fúláìtì ò lọ nìyẹn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí gẹ́lẹ́ rèé, ilẹ̀ ni wọ́n ti pinnu ẹ̀, kì í ṣe lókè.

Tí wọ́n bá ti wà lókè, òfin ṣì wà: tí bàálù bá ti ń bọ̀ dé 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tí tówà bá ní ìríran ti kéré sí iye tí wọ́n fọwọ́ sí, kò gbọdọ̀ sọ̀ sí i. Tó bá dé 200 tí kò rí nǹkan, á fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, á gòkè padà. Páílọ́ọ̀tì gidi ti jọ fẹnu kò kí wọ́n tó gbéra pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa gbìyànjú, lẹ́yìn ìyẹn a lọ ibòmíì, torí ẹni tó bá ń pinnu lẹ́ẹ̀kẹta ń fi epo ìsádi pinnu ni.

Ti ẹ́ńjìnnì, eruku kì í pa á lọ́jọ́ kan, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì bàálù ńlá ò ní fìlítà níwájú, gbangba ni ẹnu ẹ̀ wà. Eruku tó le, èyí tó wà ní Kánò àti Màídúgùrì, á máa rin etí àwọn abẹ́ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń fi sáńpépà nu ún. Kíkúnná tiwa n'íhà ibí, lílẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ wọn. Èyí tó bá dé ibi iná lè yọ́ bíi gíláàsì, kó dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà. Bá a ṣe ń mọ̀ ni pé fún agbára kan náà, ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì á máa pọ̀ sí i lóṣooṣù. Wọ́n á wá fi omi fọ inú ẹ̀. Bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Zaríà ní fìlítà ní tiẹ̀, àmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fa ooru kábúrétọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ò gba inú fìlítà mọ́, eruku á wọ sílíńdà tààrà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ooru náà pẹ́ nílẹ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Àǹtí, ó gbọ́, ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa, ó ti yé mi. Àdìrẹ mi tí mo sá síta lóòjọ́ yẹn, tó ti funfun bíi láfún, ta ló máa bá mi fọ̀ ọ́?"